Ìbéèrè Lórí Edé: Ìdáhùn ní Tábìlì àti Ìṣọ́ra ní Ilé Ìdáná

Ní àwọn ilé oúnjẹ Ìkàrẹ́ àti Òkà, títí kan ti Àkùngbá níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásìn ti ń jẹun, edé gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná wọ́pọ̀ nínú ẹ̀fọ́ rírò àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí a fi ń jẹ iyán, kò sì hàn sí ojú ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni edé ṣe lóore, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ẹni tó ní àlẹ́jì rẹ̀ ní jàǹbá. Àlẹ́jì oúnjẹ ni kí agbára tí ara fi ń bá àrùn jà ṣi oúnjẹ kan mú fún ọ̀tá, kí ó sì dìde sí i, tí ara yóò fi máa yún ènìyàn, tí ètè àti ojú yóò wú, tàbí tí èémí yóò há. Èyí yàtọ̀ sí èèwọ̀ ìdílé, ó sì yàtọ̀ sí oúnjẹ tí ẹnu ẹni kò fẹ́, nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ tí ojú kò rí lè tó láti dá a sílẹ̀.

Nígbà tí oníbàárà bá béèrè bóyá edé wà nínú ọbẹ̀, kò yẹ kí ẹni tó ń gbé oúnjẹ fi àbá dáhùn. Ohun tó tọ́ ni kí ó kọ́kọ́ béèrè pé, “Ṣé ara yín ni kò gbà á, àbí ẹ kò kàn fẹ́ràn rẹ̀?” Bí ó bá jẹ́ pé ara ni kò gbà á, kí ó sọ pé òun yóò bi ẹni tó se ọbẹ̀, kí ó lọ bi í ní tòótọ́, kí ó sì mú èsì padà ní kíkún. Kò dára kí a ní a ó ṣa edé kúrò, nítorí pé omi ọbẹ̀ ti gba ohun tó wà lára edé, iná kì í sì í pa á.

Èyí tó ṣòro jù ni ìfarakanra, ìyẹn ni kí díẹ̀ nínú oúnjẹ kan bá ọwọ́, ohun èlò tàbí òróró wọ inú òmíràn. Ẹ jẹ́ kí a gba pé oníbàárà kan béèrè fún iyán, ẹ̀fọ́ rírò tí kò ní edé, àti dòdò. Alásè lè má fi edé sínú ẹ̀fọ́ rárá, síbẹ̀ kí edé ti wà nínú ata, bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ lọ́jà bá ti lọ edé ṣáájú. Ó tún lè jẹ́ pé ṣíbí tí ó ti inú ẹ̀gúsí jáde ni wọ́n fi bu ẹ̀fọ́ náà, tàbí pé òróró tí wọ́n fi dín àkàrà elédé ni wọ́n fi dín dòdò.

Nítorí náà, kí ọ̀sán tó pé, tí èrò yóò pọ̀, alásè tó fẹ́ ta irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní láti fi ẹ̀rọ tirẹ̀ tí a ti fọ̀ mọ́ lọ ata, kí ó bu ti ẹ̀fọ́ yìí sọ́tọ̀ kí edé tó jáde nínú àpò, kí ó kọ́kọ́ se é, kí ó dé e, kí ó sì ya ṣíbí kan sọ́tọ̀ fún un. Ọṣẹ àti omi ni a fi ń fọ ọwọ́ àti ohun èlò. Nínù lásán kò tó, oògùn apakòkòrò tí a ń fi pa ọwọ́ kò sì lè mú ohun tó wà lára edé kúrò. Òróró tuntun nínú agbada mímọ́ ni a fi ń dín dòdò náà.

Ìpààrọ̀ èròjà náà léwu. Ní ọdún 2014, oníbàárà kan tó ní àlẹ́jì ẹ̀pà kú ní àríwá Yọ́kíṣáyà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tó ra oúnjẹ tó ní kí wọ́n má fi ẹ̀pà sí, nítorí pé ẹni tó ni ilé oúnjẹ náà ti fi ìyẹ̀fun tó ní ẹ̀pà, tí owó rẹ̀ kéré, rọ́pò ti álímọ́ńdì. Ilé ẹjọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 6 ní ọdún 2016. Bákan náà, bí òróró tí ilé ìdáná ń lò bá wọ́n, tí wọ́n sì ra òróró ẹ̀pà dípò rẹ̀, ẹni tó ń gbé oúnjẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.

Bí ata bá ti ti ẹ̀rọ ọjà wá, tí kò sì sí òmíràn nílé, ìdáhùn òtítọ́ ni pé ilé oúnjẹ náà kò lè fọwọ́ sọ̀yà, kí oníbàárà lè yan nǹkan mìíràn. Bí èémí ẹnikẹ́ni bá sì há lẹ́yìn oúnjẹ, kí a má ṣe fi epo pupa tàbí omi dá a dúró, nítorí pé wọn kò lè dá àlẹ́jì dúró: abẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì ni ìtọ́jú rẹ̀, nítorí náà ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí a sì sọ ohun tó jẹ fún dókítà.