Sẹ́fà Méjì Ló Wà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ kó ọjà ní Kútọnu, tí ẹ sì ń bọ̀ wá tà á ní Òkè-Ajé, ọ̀rọ̀ owó tí ẹ ń ṣẹ́ ló wà lẹ́nu mi.

1. Èyí tí ẹ ń ná ní Kútọnu, XOF ni báńkì ń kọ ọ́. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló ń ná an: Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Nìjẹ́ẹ̀, Bùrùkínà Fasò, Kodifúà, Màlì, Sẹ̀nẹ̀gà àti Gínì-Bìsáù. XAF ni ìkejì, òun ni Kamẹrúùnù, Gàbọ́ọ̀nù, Ṣáàdì àti àwọn mẹ́ta mìíràn ní Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ń ná. NG tó bẹ̀rẹ̀ NGN náírà wa, orúkọ Nàìjíríà ni. X ní tiwọn fi hàn pé owó náà kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo.

2. Ẹ má jẹ́ kí iye wọn tàn yín. 655.957 sẹ́fà ni yúrò kan, ní ìhà méjèèjì, nítorí náà ẹgbẹ̀rún kan níhìn-ín bá ẹgbẹ̀rún kan lọ́hùn-ún dọ́gba. Síbẹ̀, wọn kì í gba ọ̀kan ní ọjà èkejì. Lẹ́yìn ọdún 1993, mo kó ẹgbàá lọ́nà ọgọ́rùn-ún (200,000) sẹ́fà Kútọnu lọ sí Dùálà. Ìyá aláṣọ kan ka orúkọ báńkì tó wà lára owó náà, ó rọra kó o padà lé mi lọ́wọ́. Ṣé ẹ rí i, títí di oṣù kẹjọ ọdún 1993, báńkì àpapọ̀ tó wà ní Dákà a máa ra owó rẹ̀ tó bá ti jáde kúrò ní àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ padà. Nígbà tó dáwọ́ rẹ̀ dúró, kí ni ìyá yẹn fẹ́ fi tèmi ṣe? Ẹni tó bá mi ṣẹ́ ẹ yọ mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. 180,000 ni mo gbà.

3. Ẹ wo lẹ́tà tó wà pẹ̀lú nọ́ńbà owó XOF. B ni Bẹ̀nẹ̀, T ni Tógò, A ni Kodifúà. Lẹ́tà yòówù kó jẹ́, ẹ lè ná an ní gbogbo orílẹ̀-èdè mẹ́jọ náà. Ẹ má dá owó B padà ní Lòmé.

4. Bí ẹ bá ń fi fóònù ránṣẹ́ sí oníbàárà ní Lòmé, XOF ni kí ẹ tẹ̀, ẹ má tẹ XAF.

5. Kí ẹ tó ṣẹ́ owó ní Sẹ̀mẹ̀, ẹ béèrè iye tí yúrò jẹ́ sí náírà lọ́jọ́ náà, nítorí yúrò ni sẹ́fà ń tẹ̀ lé. Ká ní yúrò jẹ́ 1,600 náírà: ẹ fi 655.957 pín in, sẹ́fà kan á jẹ́ náírà méjì àti kọ́bọ̀ mẹ́rìnlélógójì, ẹgbẹ̀rún kan á sì súnmọ́ 2,440. Bí ẹni tó ń ṣẹ́ owó bá pè é ní 2,600, èrè rẹ̀ ti lé ní 150 lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ béèrè lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.