Ẹ Má Jẹ́ Kí H1 Dá Sí Ìdájọ́ W1

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń di òwò fọ́rẹ́ẹ̀sì mú fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fún ṣáàtì kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kan ṣoṣo. W1 ló ń sọ ibi tí ẹ ó kọjú sí. D1 ló ń sọ bóyá ọjà ti dé ibi tó yẹ kí ẹ dúró dè é. H1 kàn ń sọ wákàtí tí ẹ ó wọlé ni.

Ẹ jẹ́ ká mú EURUSD ní oṣù kẹjọ ọdún 2022. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tí ọjà ti tì, ẹ ṣí W1. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni Yúrò ti ń já wálẹ̀. Bó bá gòkè, kì í dé ibi tó dé tẹ́lẹ̀ kó tó tún já. Ẹ wá wo ẹ̀yìn dáadáa. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, 1.0340 ló já dé kó tó dìde. Ní oṣù karùn-ún 2022, nítòsí 1.0350 ló tún dúró sí. Ilẹ̀ gidi nìyẹn. Ní oṣù keje, ilẹ̀ náà ya, Yúrò sì wọ abẹ́ 1.0000 fún ìgbà díẹ̀. Ilẹ̀ tó bá ya sábà máa ń di àjà, torí pé àwọn tó rà níbẹ̀, tí owó wọn há, ń retí kí ọjà padà dé ibẹ̀ kí wọ́n lè jáde. Ohun tí ẹ ó kọ sínú ìwé kò ju gbólóhùn kan lọ: títà nìkan, bó bá padà dé 1.0340 sí 1.0370. Ẹ fa ìlà méjèèjì, kí ẹ sì pa W1 dé títí di òpin ọ̀sẹ̀. Àbẹ́là ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń wò lọ́jọ́ Ọjọ́rú ṣì lè yí àwọ̀ padà kó tó di alẹ́ Ẹtì.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ, ìròyìn jáde ní Amẹ́ríkà pé iye tí ọjà fi wọ́n sí i ní oṣù keje kò tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Dọ́là já, Yúrò fò kọjá 1.0360. Ẹni tó bá wo H1 nìkan á rí àbẹ́là ńlá tó ń gòkè, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa yún un láti rà, lábẹ́ àjà gan-an! Ẹni tó fa ìlà sílẹ̀ á dúró kí D1 parí. (Alẹ́ ní aago mẹ́wàá wa ni ọjọ́ ń parí ní aago Niu Yọ́ọ̀kì lásìkò yẹn, aago mọ́kànlá ni nígbà òtútù wọn. Bí bírókà yín bá ń fi àbẹ́là kékeré kan hàn fún ọjọ́ Àìkú, aago rẹ̀ kò bá ti Niu Yọ́ọ̀kì mu nìyẹn.) D1 parí nítòsí 1.0300, ó sì fi ìrù gígùn sílẹ̀ lókè. Lọ́jọ́ kejì ọjà tún gbìyànjú àjà náà, kò sì lè kọjá.

Ìgbà yìí ni H1 tó ní iṣẹ́. Láàárín ìgbìyànjú méjèèjì, nítòsí 1.0275 ni ọjà já dé. Ní ọjọ́ kejìlá, tó jẹ́ Ẹtì, ó já kọjá ibẹ̀. Ká ní ẹ ta ní 1.0270. Níbo ni sítọ́ọ̀pù yóò wà? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́: wọ́n á mú èrè tí W1 ń tọ́ka sí, wọ́n á sì fi sítọ́ọ̀pù H1, ogún píìpù péré, tí ariwo wákàtí kan á gbé lọ. Lókè àjà D1 ni kí ẹ fi í sí, ní 1.0390. Píìpù 120 nìyẹn. Bí ẹ bá ní 2,000 dọ́là, tí ẹ kò sì fẹ́ pàdánù ju 20 dọ́là lọ, lọ́ọ̀tì 0.01 á ná yín ní 12 dọ́là, 0.02 á ná yín ní 24, ó ti kọjá ààlà. Nítorí náà, 0.01 ni. Èrè yín wà ní 1.0000, píìpù 270, ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po méjì ohun tí ẹ fi wewu. Ní ọjọ́ kejìlélógún, ọjà já kọjá ibẹ̀.

Láti ìgbà tí ẹ bá ti wọlé ni iṣẹ́ H1 ti parí. Alẹ́ nìkan ni kí ẹ máa wo D1. Bí ọjọ́ kan bá parí lókè 1.0370, ẹ jáde, ẹ má dúró de sítọ́ọ̀pù.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Yúrò padà dé àjà yìí. Ẹni tó fi ìlà nìkan tà á lọ́jọ́ náà pàdánù, torí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó kọjá 1.0450. Ṣùgbọ́n ẹ wo D1 ọjọ́ náà: nítòsí òkè pátápátá ló parí, kò sí ìrù gígùn kankan lókè. Àjà kò tíì lé e padà, nítorí náà H1 kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe.