Àpótí Ìmọ̀: Kọ́kọ́rọ́ Tí Kì Í Padà Sẹ́yìn

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Nítorí náà ni Trevor Perrin àti Moxie Marlinspike, ní ọdún 2013, ṣe gbé ìlànà kan kalẹ̀, èyí tí Signal àti Wọ́sáàpù ń lò, nínú èyí tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí a rán ń ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

Ká ní Àdùkẹ́ rán iṣẹ́ márùn-ún sí Àlàbí kí ó tó fèsì. Fóònù Àdùkẹ́ yóò mú kọ́kọ́rọ́ ìpìlẹ̀, yóò fi ìṣirò lọ̀ ọ́, ohun méjì yóò sì jáde: kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ kìíní, àti ìpìlẹ̀ tuntun fún èkejì, lẹ́yìn náà ni yóò pa ìpìlẹ̀ àtijọ́ rẹ́. Bí olè tí ó ti ń kó àwọn iṣẹ́ adìtú wọ̀nyí pamọ́ láti ojú ọ̀nà bá jí ìpìlẹ̀ tó kù lẹ́yìn iṣẹ́ kẹta, yóò ṣí ìkẹrin àti ìkarùn-ún, ṣùgbọ́n mẹ́ta àkọ́kọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí èlùbọ́ kì í padà di iṣu.

Nígbà tí Àlàbí bá fèsì, kọ́kọ́rọ́ gbangba tuntun yóò bá èsì náà wá. Fóònù Àdùkẹ́ yóò pa á pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ àṣírí tuntun tirẹ̀, ìpìlẹ̀ tí olè kò mọ̀ yóò sì jáde, bí olè náà kò bá ṣì lúgọ sínú fóònù. Àmọ́ ìlànà yìí kò bo ọ̀rọ̀ tí a fi sílẹ̀ nínú fóònù fúnra rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ a parẹ́, ọ̀rọ̀ a kù, àfi bí olówó rẹ̀ bá pa á rẹ́.