Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ỌDÚN TÍ A BÍ ṢÉHÙ USMAN DAN FODIO



Àwọn ọmọ wa máa ń bi wá pé, kí ló dé tí ìwé kan sọ pé a bí Ṣéhù Usman dan Fodio ní 1754, tí òmíràn kọ 1754/55? Ṣé ọ̀kan ń purọ́ ni? Rárá o. Òǹkà ló yàtọ̀.

Ọdún Híjírà ni wọ́n fi kọ ìbí Ṣéhù sílẹ̀: ìparí oṣù Safaru, 1168, ní Maratta nílẹ̀ Gobir. Ọdún 1168 yẹn bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá 1754, ó sì parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá 1755. Oṣù méjì àbọ̀ péré ló bọ́ sínú 1754; gbogbo ìyókù wà nínú 1755. Nítorí náà, ẹni tí kò mọ̀ ju ọdún lọ yóò rò pé 1755 ló súnmọ́ òótọ́ jù.

Ṣùgbọ́n a mọ oṣù. Muharamu ni oṣù kìíní, Safaru sì ni èkejì. Bí a bá ka ọjọ́ 59, ìyẹn 30 fún Muharamu àti 29 fún Safaru, láti ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá, ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 1754 la ó bá ìparí Safaru. Rírí oṣù lè fi ọjọ́ kan sún un síwá tàbí sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan kò lè gbé e dé 1755. Ọdún 1754 ló borí.

Ọ̀nà míràn tí àṣìṣe ń gbà wọlé ni ọjọ́ orí. Ṣéhù fi ayé sílẹ̀ ní oṣù Jumada Kejì 1232, ìyẹn ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 1817. Ní òǹkà Híjírà, ó ti lé díẹ̀ ní ọdún 64. Ẹni tí ó bá yọ 64 kúrò nínú 1817 yóò kọ 1753! Bí ẹni fi múdù wọn ọjà, tí ó wá fi kóńgò gba owó rẹ̀ ni. Ọdún Híjírà fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti Míládíyà, bẹ́ẹ̀ ni ọdún 64 ti Híjírà kò ju 62 lọ ní Míládíyà. Ẹ yọ 62 àti oṣù mẹ́rin kúrò nínú oṣù kẹrin 1817, ẹ ó padà dé oṣù Kejìlá 1754. Ọ̀nà méjèèjì bára mu.

Nítorí náà, bí ọdún ìbí méjì bá takora, ẹ kọ́kọ́ bèèrè òǹkà tí wọ́n fi kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá oṣù. Kí ẹ sì wò ó bóyá ṣe ni wọ́n kọ ọdún náà sílẹ̀, tàbí ọjọ́ orí ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Níbi tí a kò bá ti rí oṣù, kí á kọ ọdún Míládíyà méjèèjì pọ̀, kí á má ṣe fi tipátipá yan ọ̀kan.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.