Ta Ló Ń San Èlé Yẹn?

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tó tún kó kírípítò yín fún ilé-iṣẹ́ elélèé, ẹ béèrè ẹni tó ń san èlé náà. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n ń yá owó yín. Nínú èlé tiwọn ni a ti ń bù fún yín. Bí èlé yín bá pọ̀ jù, ó ṣeé ṣe kí ilé-iṣẹ́ náà máa yá ẹni tí kò fi nǹkan dógò lówó, tàbí kó máa fi owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé san ti ẹni àná.

Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan, Celsius ní Amẹ́ríkà, polówó èlé tó tó 17% lọ́dún. Ní oṣù kẹfà 2022, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó mọ́. Ní 2023, adájọ́ sọ pé owó inú àkáǹtì elélèé ti di ti ilé-iṣẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka àdéhùn yín.