Sí Àbẹ̀kẹ́, Lórí Ọ̀rọ̀ Ọkọ Rẹ

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ohùn rẹ lórí fóònù lálẹ́ àná kò jẹ́ kí n sùn. O ní ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti dá ọkọ rẹ dúró níbi tó ti ń ṣe alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí, pé ìwọ nìkan lo ń san owó ilé àti owó iléèwé, pé o kò mọ̀ mọ́ bóyá àìríṣẹ́ ló ń bá a jà ni tàbí ọ̀lẹ.

Má fi iye oṣù dá a lẹ́jọ́. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ tó ti ilẹ̀kùn tàbí tó dín òṣìṣẹ́ kù pọ̀ gan-an. Alápá-má-ṣiṣẹ́ kọ́ ni gbogbo ẹni tó jókòó sílé. Ohun tí mo fẹ́ kí o wò ni bí owó ṣe ń rìn lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tó ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe.

Jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ píọ́ẹ́sì tí o dá sílẹ̀ fún un. ₦150,000 lo kó lé e lọ́wọ́, o ní kò kù ju ₦40,000 lọ, ó sì ní ọjà ò yá. Níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni ọmọ kan ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí oníbàárà bá gba ₦5,000, tó san ₦100 lé e, ₦5,000 á kúrò nínú àpò, ₦5,100 á wọ àkáǹtì, báǹkì á sì yọ díẹ̀ tirẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, bí o bá ro owó tó wà lọ́wọ́ pọ̀ mọ́ èyí tó wà ní àkáǹtì lálaalẹ́, kò yẹ kó dín ní ₦150,000. Bí ọjà ò bá yá, èrè ni yóò kéré, ojú owó kì í tìtorí ìyẹn sá lọ. Àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú lè gbé e, owó sì lè há sórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n àwọn ìyẹn ní ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì máa ń ní ẹ̀rí tí èèyàn lè gbé lọ fi ẹjọ́ sùn. Èyí tó kù ni pé ọwọ́ ń wọ̀ ọ́.

Ọwọ́ tó wọ̀ ọ́ náà, o gbọ́dọ̀ wádìí rẹ̀. Bó bá sọ fún ọ pé, “Èmi ni mo mú ₦12,000 ra gaasi àti ìrẹsì lọ́sẹ̀ tí ọwọ́ rẹ ò dẹ,” ìṣòro ló ń bá a fínra, ẹni tó ń gbé ilé ró ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí àlàyé ṣe, tó ń bínú nítorí pé o fẹ́ ka owó náà, ibẹ̀ ni kí ojú rẹ wà. Ẹ jọ máa kà á lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan. Fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, má ṣe é níṣojú àwọn ọmọ.

Iṣẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn bíríkìlà tí o ní ó kọ̀, èmi ò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìtìjú lè mú ọkùnrin tó ti ń pàṣẹ fún èèyàn. Ṣùgbọ́n bi í pé kí ló fẹ́ ṣe dípò rẹ̀, kó sì dárúkọ ibi tó máa lọ àti ọjọ́ tó máa lọ. Èyí tó dùn mí ni pé o máa ń ti ọjà dé ní alẹ́ bá àwo tí ẹnikẹ́ni ò fọ̀. Ọ̀wọ́ngógó ò ní kí ẹni tó wà nílé láti àárọ̀ má fọ àwo.

Kí o tó pè é ní ọ̀lẹ ṣá, wò ó dáadáa. Bó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí kò jẹun bó ṣe yẹ, tí oorun ò kùn ún tàbí tó ń sùn títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tí bọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn ò wù ú wò mọ́, tó ń sọ pé ayé òun ò níláárí, àìsàn ọkàn lè ni. Mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì níbẹ̀ ní Ìbàdàn kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá sì sọ pé ó sàn kí òun kú, má dúró di ọjọ́ kejì, má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Bó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ le, tí ìṣirò ò sì pé, má fún un lówó òwò mọ́. Ya owó iléèwé àwọn ọmọ sọ́tọ̀ ní àkáǹtì tìrẹ. Bá òun nìkan sọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ fi ìparí sáà iléèwé yìí ṣe gbèdéke. Bí kò bá yí padà, a óò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jókòó, èmi náà á wá.

Fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí o fẹ́ buwọ́ lù nítorí ọkọ rẹ lọ́jọ́ Ẹtì, jọ̀ọ́, dá a dúró. Orúkọ rẹ ló máa wà lórí gbèsè yẹn, ọwọ́ rẹ ni wọ́n sì ti máa gbà á. Kọ́kọ́ fi ìwé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ránṣẹ́ sí mi. Bí ìṣirò rẹ̀ bá pé, èmi ni màá ṣe onídùúró fún yín.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Màmá Ìjẹ̀bú