Ìkìlọ̀ fún Arìnrìn-àjò: Orúkọ Orí Tíkẹ́ẹ̀tì Gbọ́dọ̀ Bá ti Ìwé Ìrìnnà Mu

Nínú ẹbí kan ṣoṣo, ẹ lè rí bàbá tó ń kọ ADESINA, kí ọmọ rẹ̀ máa kọ ADESHINA. Lẹ́tà ṣ kò sí lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n fi ń ṣe ìwé ìjọba, nítorí náà ẹnì kan fi S dípò rẹ̀, ẹlòmíràn fi SH. Nílé, kò sẹ́ni tó máa ń bìkítà, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé Adéṣínà ni. Ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹni tó bá sì gbé ọ̀kan wá sí kántà nígbà tí ìkejì wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì lè pàdánù ìrìn-àjò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tẹ̀ lé e. Ká ní ìyá àgbàlagbà kan ní Ìbàdàn fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ló fẹ́ sanwó, ó sì fi orúkọ ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí ejẹ́ǹtì kan ní Èkó lórí Wásáàpù: Risikat Adesina. Ejẹ́ǹtì kọ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́, ó gba owó, ó sì fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Orúkọ tó jáde lórí rẹ̀ ni ADESINA/RISIKAT MRS. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà ìyá náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé tí fọ́tò wọn wà nìyí, ní ìlà àkọ́kọ́ nínú ìlà méjì tí ẹ̀rọ máa ń kà:

```
P<NGAADESHINA<<RISIKAT<ABIKE<<<<<<<<<<<<<<<<
```

Ìlà yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ̀ ọ́n kà. NGA ni Nàìjíríà. Ohun tó tẹ̀ lé e, títí dé ibi tí àmì < méjì ti dúró ti ara wọn, ni orúkọ ìdílé. Ohun tó wà lẹ́yìn àmì méjì yẹn ni àwọn orúkọ yòókù, àmì ẹyọ kan ló sì ń ya ìkan kúrò lára ìkejì. Kò sí àmì ohùn níbẹ̀, kò sí àmì abẹ́ lẹ́tà. Àmì ìsopọ̀ tó bá wà láàárín orúkọ méjì pàápàá á di < níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ èwo ni orúkọ ìdílé yín lójú ẹ̀rọ, ẹ má wo káàdì ìdìbò, ẹ má sì wo ìwé ẹ̀rí ilé ìwé. Ìlà yìí ni kí ẹ wò.

Tí a bá gbé tíkẹ́ẹ̀tì ìyá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà yìí, a ó rí i pé nǹkan méjì ló yàtọ̀. Lẹ́tà H kò sí nínú orúkọ ìdílé, ABIKE kò sì sí rárá. Méjèèjì kò rí bákan náà. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kò ní dá ènìyàn dúró nítorí orúkọ àárín tí kò sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dára kí ó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà ní láti ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn aláàbò ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀ máa ń gba orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ẹ̀yà akọ tàbí abo olúkúlùkù èrò kí ó tó wọ ọkọ̀, wọ́n á sì fi wé orúkọ àwọn tí wọ́n ń ṣọ́. Ti orúkọ ìdílé ni kò ṣeé fojú fò. Òun ni òṣìṣẹ́ kántà máa kọ́kọ́ wò, òun náà sì ni ẹ̀rọ máa fi wá tíkẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan wà tí ó máa ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn lásán. Tí ẹ bá rí i tí orúkọ àti oyè lẹ̀ mọ́ra, bíi RISIKATABIKEMRS, kì í ṣe àṣìṣe. Bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọn ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ má ṣe sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ bá yín tú u sílẹ̀.

Ká padà sí ọ̀dọ̀ ìyá wa. Ọ̀nà kan tó rọrùn wà tí ọmọ rẹ̀ lè fi mọ̀ pé nǹkan kò dára. Kí ó ṣí ojú òpó iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti ejẹ́ǹtì, kí ó tẹ kóòdù olójú mẹ́fà tí wọ́n fún un, kí ó sì tẹ orúkọ ìdílé bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà gan-an. Tí kò bá ṣí, ṣùgbọ́n tó ṣí nígbà tó tẹ ADESINA, ọ̀rọ̀ ti yé e. Àyẹ̀wò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ọjọ́ tí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ló sì yẹ kí wọ́n ṣe é, kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ ìrìn-àjò.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọjọ́ yẹn ni pé ọjọ́ náà gan-an ni àṣìṣe máa ń rọrùn jù láti tún ṣe. Lọ́jọ́ tí ejẹ́ǹtì bá gbé tíkẹ́ẹ̀tì jáde, ó sábà máa ń ní agbára láti fagi lé e pátápátá kí ọjọ́ náà tó parí, kí ó sì gbé òmíràn jáde pẹ̀lú orúkọ tó tọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, agbára yẹn ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó di kí ó bẹ iléeṣẹ́ náà. Fún ìrìn-àjò tó kan Amẹ́ríkà, òfin ibẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀, tí ìrìn-àjò náà sì ku ọjọ́ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbọ́dọ̀ lè fagi lé e láàárín wákàtí 24 kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀ padà, àyàfi tí iléeṣẹ́ náà bá ti fún un láyè láti di iye owó náà mú fún wákàtí 24 láìsanwó. Òfin yìí kò de ejẹ́ǹtì, ẹ má ṣe gbé ọkàn lé e tó bá jẹ́ ọwọ́ ejẹ́ǹtì lẹ ti rà á.

Tí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ pè. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kì í sábà fẹ́ fọwọ́ kan tíkẹ́ẹ̀tì tí ejẹ́ǹtì ta, wọ́n á ní kí ẹ padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ọmọ náà kọ ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere sí i, kí fọ́tò ojú ewé ìwé ìrìnnà sì tẹ̀ lé e: “Ẹ káàsán, sà. Orúkọ ìdílé màmá mi lórí tíkẹ́ẹ̀tì ni ADESINA. Ohun tó wà nínú ìwé ìrìnnà wọn ni ADESHINA. Ẹnì kan náà ni, lẹ́tà H ló jábọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ABIKE náà kún un. Èló ni ẹ máa gbà, ṣé nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì sì máa yí padà?” Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe kókó. Tí wọ́n bá gbé tíkẹ́ẹ̀tì tuntun jáde, nọ́ńbà rẹ̀ tó jẹ́ olójú 13 máa yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, tuntun náà ni màmá gbọ́dọ̀ mú dání. Kí wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò orí òpó yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ejẹ́ǹtì bá ní òun ti parí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa ń gbà láti tún lẹ́tà bíi mẹ́ta ṣe, tàbí láti dá orúkọ ìdílé àti orúkọ ẹni padà sí àyè wọn. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwa Yorùbá gan-an, nítorí pé orúkọ ìdílé ni wọ́n kọ́ wa láti kọ ṣáájú nílé ìwé. Láti sọ SEUN di OLUWASEUN lè gba àlàyé díẹ̀ sí i. Ohun tí wọn kò ní gbà ni kí tíkẹ́ẹ̀tì Táíwò di ti Kẹ́hìndé. Orúkọ ìdílé kan náà ni, ọjọ́ ìbí kan náà ni, síbẹ̀ ènìyàn méjì ni, tíkẹ́ẹ̀tì kì í sì í kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Tí ọkọ̀ iléeṣẹ́ méjì bá wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì kan, bí ẹni tó máa pààrọ̀ ọkọ̀ lọ́nà, àtúnṣe máa ń pẹ́ jù, nítorí pé ìkejì náà gbọ́dọ̀ yí orúkọ padà lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ẹ má fi irú èyí di ọ̀sẹ̀ ìrìn-àjò.

Àṣìṣe kan wà tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Lórí òpó iléeṣẹ́, àyè kan wà tí wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà ìwé ìrìnnà àti ọjọ́ tí yóò parí. Ẹnì kan á kọ orúkọ tó tọ́ síbẹ̀, á rò pé ó ti tán. Kò tíì tán. Àyè yẹn kò yí orúkọ orí tíkẹ́ẹ̀tì padà. Bákan náà ni ìwé ìbúra kóòtù tàbí ìkéde orúkọ tuntun nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n wúlò ní báńkì àti ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà ni òṣìṣẹ́ kántà máa fi wé tíkẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí ìyàwó tuntun tí orúkọ bàbá rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ìrìnnà fi gbọ́dọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì ní orúkọ bàbá rẹ̀, bí gbogbo àdúgbò tilẹ̀ ti ń fi orúkọ ọkọ pè é.

Ti àwọn tó ní orúkọ kan ṣoṣo nínú ìwé ìrìnnà le jù. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà sábà máa ń ní orúkọ ìdílé àti ti ẹni, ṣùgbọ́n ní Indonéṣíà, Íńdíà àti Afganístàánì, orúkọ kan ló ń tó ọ̀pọ̀ ènìyàn. Sukarno àti Suharto, olórí Indonéṣíà méjì àkọ́kọ́, kò ní ju ìyẹn lọ. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé tàbí ṣiṣẹ́ máa ń bá wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ á sì kọ̀ láti tẹ̀ síwájú bí àyè kan bá ṣófo. Iléeṣẹ́ kan á ní kí wọ́n kọ orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, òmíràn á ní kí wọ́n fi FNU, ìyẹn “First Name Unknown”, sí àyè tó ṣófo, òmíràn á ní MR tàbí MRS. Ẹ má ṣe méfò. Ẹ bi iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀, kí ẹ gba èsì rẹ̀ lákọsílẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ní orí físà Amẹ́ríkà, orúkọ kan náà máa ń wà ní àyè orúkọ ìdílé, FNU á sì wà ní àyè kejì.

Orílẹ̀-èdè tí a ń lọ náà tún lè ní òfin tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Íńdíà kéde pé Dubai àti gbogbo Ẹ́míréètì kò ní gba ẹni tó ní orúkọ kan ṣoṣo nínú ìwé ìrìnnà wọlé tó bá jẹ́ pé físà àbẹ̀wò ló fẹ́ lò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣàlàyé pé tí orúkọ bàbá tàbí ti ìdílé bá wà ní ojú ewé kejì ìwé náà, wọ́n á gbà á. Kò sí bí a ṣe lè tún tíkẹ́ẹ̀tì kọ tó máa yanjú irú èyí.

Tó bá sì jẹ́ pé inú ìwé ìrìnnà fúnra rẹ̀ ni àṣìṣe wà, bí ẹni tí wọ́n kọ ADESHNA fún, ohun tó wà níbẹ̀ náà ni kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sí, pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀. Bí àkókò bá wà, ẹ tún ìwé ìrìnnà ṣe kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹni tó bá rà á tán kí ó tó gba ìwé ìrìnnà tuntun gbọ́dọ̀ mú orúkọ orí tíkẹ́ẹ̀tì bá tuntun mu, kí ó sì bi iléeṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè tó fún un ní físà bóyá físà tó wà ní orúkọ àtijọ́ ṣì ṣeé lò.